Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì: ọ̀nà wo ni kí n gbà wọlé?

Àdùkẹ́ Iṣẹ́-Òru

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Nọ́ọ̀sì ni mí, òru ni mo sábà máa ń ṣiṣẹ́, ìwé ni kì í jẹ́ kí n sùn. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mo ti ń kà látọjọ́ yìí. Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi fún mi ní Dune, ó ní kò sí ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì tó dùn tó o. Mo dé ojú ewé 40, mo pa á dé. Orúkọ ilẹ̀, orúkọ oyè, orúkọ ẹ̀sìn, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ mi lójú, n kò mọ ẹni tí mo ń tọ̀ lẹ́yìn mọ́.

Àbúrò mi ní oríṣi mẹ́ta ló wà: ti ìrìn-àjò láàárín ìràwọ̀, ti ìlú ìnira tí ìjọba ti gba ẹ̀mí lẹ́nu aráàlú, àti èyí tó dá lórí èrò kan. Ó ní kí n yan èyí tó bá mi lára mu. Báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀ kí n tó náwó? Ọkọ̀ òfurufú ló wà lára èèpo gbogbo wọn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Àǹtí, kò le. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra lọ sójú sánmà, ìrìn-àjò ni. Bí ìjọba bá burú, ìlú ìnira ni. Bí ẹ ò bá rí méjèèjì, èrò ni.

Bọ̀dá Ilé-Ìwé

Ọmọ Ìjẹ̀bú, o gbìyànjú, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìtàn lò ń wò. Ọkọ̀ lè wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó yẹ ká wò ni ohun tó ń dí ẹni tí ìtàn dá lé lọ́nà.

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí n sọ ọ́ ní ọ̀nà mẹ́ta. Táyé àti Kẹ́hìndé jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún. Táyé wọ ọkọ̀ tó ń sáré ní ìdá 99 nínú 100 ìyára ìmọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ físíìsì ti fi hàn pé àkókò máa ń falẹ̀ fún ẹni tó bá ń sáré tó bẹ́ẹ̀: ọdún 1 nínú ọkọ̀ náà á tó nǹkan bí ọdún 7 nílé. Táyé lo ọdún 5, ó padà. Ó ti di ẹni ọdún 35, Kẹ́hìndé sì ti di ẹni 65.

Òǹkọ̀wé ìrìn-àjò kò ní pẹ́ tó fi máa ba ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yẹn jẹ́. Àwọn ọlọ́ṣà á dá wọn lọ́nà, oúnjẹ á fẹ́ẹ̀ tán, ẹ ó sì máa ṣí ewé kí ẹ lè mọ̀ bóyá Táyé á délé. Ọ̀rọ̀ àkókò tó falẹ̀ yẹn lè má gbà ju ìlà kan lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ máa ń dá ọ̀nà àbùjá sílẹ̀ láàárín ìràwọ̀ kó má baà dí ìtàn lọ́wọ́.

Òǹkọ̀wé ìlú ìnira lè má jẹ́ ká fojú kan ọkọ̀ náà rárá. Òfin ni yóò gbé kalẹ̀: gbogbo ẹni tó bá bí ìbejì gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda ọ̀kan fún ìjọba. Ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé la ó wà. Wọ́n ń já lẹ́tà ìkejì rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, aládùúgbò rẹ̀ ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù àtibéèrè ibi tí Táyé wà. Kò sí olè tó ń lé e. Ibi tó ń gbé gan-an ló ń fún un lọ́rùn.

Ẹni tó ń kọ ìtàn èrò á bẹ̀rẹ̀ níbi tí Táyé ti kanlẹ̀kùn. Ọmọ Kẹ́hìndé tó ṣílẹ̀kùn ju Táyé lọ ní ọjọ́ orí. Nílẹ̀ wa, Kẹ́hìndé náà ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò. Ní báyìí irun rẹ̀ ti funfun. Ta ni yóò kí ta ni? Ta ni olórí ẹbí? Ẹnikẹ́ni kò lé ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹ ò ní lè gbé ìwé náà sílẹ̀.

Ní báyìí, ẹ yọ àkókò tó falẹ̀ kúrò. Ìtàn kìíní dúró digbí, kódà ẹ lè sọ ọkọ̀ yẹn di ọkọ̀ ojú omi. Ìkejì kò ní ṣubú, torí òfin ló gbé e ró. Ìkẹta tú ká pátápátá. Ojú ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni mo fi máa ń dán èyí wò, kì í ṣe èèpo ìwé.

Alàgbà Adéṣínà

Kí ló dé tí ẹ ń lọ jìnnà? Fágúnwà ti kọ Ògbójú Ọdẹ láti 1938. Ìwé Yorùbá ni kí ọmọ yìí kà.

Bọ̀dá Ilé-Ìwé

Ẹ kú àgbà, sà. Ẹni tó bá ti bá Àkàrà-Oògùn wọ igbó kò ní ṣì ọ̀nà nínú ìtàn ìrìn-àjò òfurufú, ìdíwọ́ kan lẹ́yìn òmíràn ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n agbára iwin kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Irú ìtàn tí Àdùkẹ́ ń wá máa ń béèrè.

Kẹ́hìndé Ọ̀kan

Ìbejì ni mí lóòótọ́. Táyé mi lo ọdún 22 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ tó dé, àwọn ọmọ mi kí i bí àlejò, òun náà sì ń wá ojú èwe mi lára mi. A jókòó, a ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìkẹta tí Bọ̀dá sọ yẹn, n kò lè kà á.

Màmá Ìwé

Àdùkẹ́ mi, ìwọ tó fẹ́ràn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, má fi ìwé tó nípọn bẹ̀rẹ̀. Ìtàn èrò máa ń kúrú, òǹkọ̀wé wọn sì máa ń fi ìdáhùn pamọ́ bíi ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Wá Story of Your Life, ìtàn tí Ted Chiang kọ ní 1998, èyí tí wọ́n fi ṣe fíìmù ní 2016. Àwọn àjèjì dé láti ojú sánmà, wọ́n sì pe obìnrin onímọ̀ èdè kan kó wá kọ́ èdè wọn. Kò sí ogun. Bó ṣe ń mọ èdè náà sí i ni ọ̀nà tó gbà ń mọ àná àti ọ̀la ń yí padà. Èdè náà ni kókó, bí o bá yọ ọ́, kò sí ìtàn mọ́.

Tí o bá fẹ́ ìlú ìnira, gba 1984 tí George Orwell gbé jáde ní 1949. Iṣẹ́ ọkùnrin inú rẹ̀ ni kó máa tún ìwé ìròyìn àtijọ́ kọ kí ọ̀rọ̀ ìjọba lè máa jẹ́ òótọ́ nígbà gbogbo. Má kà á lóru tí ara bá rẹ̀ ọ́, ó wúwo.

Dune tó o pa dé yẹn, àlàyé àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣí ẹ̀yìn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo ti gbọ́, Bọ̀dá. Ibo wá ni Rosewater ti Tade Thompson wà? Nàìjíríà ọdún 2066 ni. Ìlú kan yí ohun àjèjì ká, ohun àjèjì náà ń ṣí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn aláìsàn ń rí ìwòsàn. Ọkùnrin inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba lábẹ́lẹ̀.

Bọ̀dá Ilé-Ìwé

Mo kà á sí ti èrò. Bí ẹ bá yọ ohun àjèjì náà, ìlú yẹn ò ní sí.

Màmá Ìwé

Èmi ò gbà. Ìjọba tó ń lo ọkùnrin yẹn ló ń dí i lọ́nà ní ojú ewé tó pọ̀ jù.

Àdùkẹ́ Iṣẹ́-Òru

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣí ẹ̀yìn Dune, òótọ́ ni, àlàyé náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo wá dán an wò: mo yọ ohun olóòórùn tí wọ́n ń wà nínú aṣálẹ̀ yẹn, tí ọkọ̀ wọn ò lè rìn láàárín ìràwọ̀ láìsí i. Ìjà lórí rẹ̀ dà bí ìjà epo rọ̀bì lójú mi, ó ṣì dúró. Ṣé ìrìn-àjò ni, àbí n kò tíì ka ibi tó yẹ kí n kà? Ìtàn onímọ̀ èdè yẹn ni mo máa mú lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ yìí. Rosewater ló máa tẹ̀ lé e, torí Nọ́ọ̀sì tó ń gbọ́ pé ohun kan ń wo aláìsàn sàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sáwọn tí kò rí ìwòsàn.