Wọ́n gé orúkọ mi kúrò lára fídíò àdìrẹ mi, wọ́n fi ń lu jìbìtì. Ẹ gbà mí o!

Aláró Ìtòkú: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi láti àná. Ọdún 22 ni mo ti wà lẹ́nu àdìrẹ ní Ìtòkú, ọwọ́ ìyá ọkọ mi ni mo ti kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó lè ní mo jẹ owó òun rí. Owó aró ti gbówó lórí, owó ìsọ̀ ti lé sí i, ojú ń pọ́n wa, síbẹ̀ mi ò fi ẹ̀rọ tẹ aṣọ kí n pè é ní àdìrẹ.

Mo ṣe fídíò oníṣẹ́jú mẹ́rin kan. Mo fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya Ìbàdàndùn sórí aṣọ funfun, mo rì í sínú ìkòkò aró, mo fà á yọ ní àwọ̀ ewé, ó sì ń di aró lójú ayé. Mo gbé e sí Fésíbúùkù. Àfi bí mo ṣe rí i pé àwọn kan ti gbé e, wọ́n gé orúkọ mi nísàlẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà tiwọn sí i. Obìnrin kan wá láti Èkó bá mi ní ìsọ̀ lánàá. Ó ti sanwó ìdì mẹ́wàá fún wọn, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́. Nítorí pé ojú mi ló rí nínú fídíò, èmi ló ń pè ní olè láàárín ọjà. Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kúrò. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Láfẹ́nwá: Ìyá, ẹ má mikàn. Ẹ pa tiyín rẹ́, gbogbo tiwọn á bá a lọ. Mo ti ṣe é rí.

Màmá Ìbejì: Ẹ kú ìdààmú o. Èmi náà rí i. Alásè kan gbé fọ́tò oúnjẹ ìdána ọmọ mi, ó ní òun ló sè é. Èmi àti àwọn àbúrò mi la sè é láti òru mọ́jú! Nígbà tí mo pè é, ó ní orí ayélujára ni òun ti rí i, pé ti gbogbo ayé ni. Títí di òní ló wà níbẹ̀.

Oníkọ̀ǹpútà Kútọ̀: Ọmọ Láfẹ́nwá ò parọ́, àmọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ẹni tó bá tẹ Share lórí fídíò yín ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ṣe ló ṣí fèrèsé sí ilé yín. Ẹ bá ti ilé, òkùnkùn ni yóò rí. Irú èyí ni ti Ọmọ Láfẹ́nwá. Ẹ máa mọ̀ ọ́n torí pé orúkọ yín máa ń wà pẹ̀lú fídíò náà lábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó o sínú fóònù rẹ̀, tó wá gbé e sókè fúnra rẹ̀, ilé tirẹ̀ ló kọ́. Tiyín lè pòórá, tirẹ̀ á ṣì wà. Bí wọ́n bá sì ti gé orúkọ yín, kì í ṣe Share ni wọ́n tẹ̀. Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́ ìyá, ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Ta ló sì mú fóònù nígbà tí ẹ ń ya aṣọ?

Bàbá Ìbarà: Kí ló dé tí ẹ fi gbé àṣírí iṣẹ́ síta? Àwọn àgbà wa kì í jẹ́ kí àlejò dé ìdí ìkòkò aró. Ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fólè.

Ọmọ Láfẹ́nwá: Bàbá, ta ni yóò wá rajà tí a ò bá polówó?

Aláró Ìtòkú: Ẹ má bú mi, Bàbá. Ọjà ò yá ni mo ṣe ṣe é. Bọ̀dá Kútọ̀, mo ti pa á rẹ́ láti alẹ́ àná, kí n tó kọ èyí síbí. Inú ló bí mi. Àwọn bí 300 tó pín in pẹ̀lú orúkọ mi ni tiwọn ò ṣí mọ́. Ti àwọn olè yẹn wà níbẹ̀ digbí!

Oníkọ̀ǹpútà Kútọ̀: Ha! Àwọn tó ń polówó yín lẹ lé lọ yẹn, ẹ sì gbé ẹ̀rí yín jù nù. Kò tíì bàjẹ́. Bí ẹ bá gbé e sínú Trash, ọjọ́ 30 ni Fésíbúùkù máa fi í síbẹ̀ kó tó pa á rẹ́ pátápátá. Ẹ wọ Activity log, ẹ wá Trash, ẹ tẹ Restore.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fọ́ọ̀mù ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ wọn ṣẹjọ́. Wọn yóò béèrè líǹkì tiyín àti líǹkì ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ kó kúrò. Ẹ̀dà márùn-ún, líǹkì márùn-ún. Tí wọ́n bá gbé òmíràn sókè lọ́la, ẹ tún máa kọ̀wé. Orúkọ àti ímeèlì yín sì lè dé ọwọ́ ẹni tí ẹ fi sùn, ẹ má lo èyí tí ẹ fi ń gba owó. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ya àwòrán péèjì wọn pẹ̀lú nọ́ńbà náà, nítorí pé tí fídíò bá ti kúrò, ẹ ò ní rí i mọ́. Ìyẹn ni obìnrin Èkó yẹn máa mú lọ bá ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ jìbìtì yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ fídíò.

Batani Ìbàdàndùn fúnra rẹ̀, ẹ ò lè dá ẹnikẹ́ni dúró lórí rẹ̀. Ti àwọn ìyá wa ni. Fídíò lẹ lè jà fún. Ẹ ò tíì sọ ẹni tó yà á.

Màmá Ìbejì: Ti Wọ́sáàpù ńkọ́? Wọ́n fi ránṣẹ́ ní gúrúùpù ìjọ wa pàápàá, mi ò mọ̀ pé tiyín ni.

Oníkọ̀ǹpútà Kútọ̀: Ibẹ̀ lọwọ́ wa ò tó. Yàtọ̀ sí alábòójútó gúrúùpù, tó lè pa èyí tí ẹlòmíì fi sínú gúrúùpù rẹ̀ rẹ́, Delete for everyone ń ṣiṣẹ́ lórí èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín fi ránṣẹ́ nìkan, láàárín bí ọjọ́ méjì àtààbọ̀. Èyí tí ẹni tó gbà á bá ti fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíì, kò sí bọ́tìnnì kankan lọ́wọ́ yín tó lè bá a.

Aláró Ìtòkú: Mo ti rí i nínú Trash, mo ti dá a padà. Ẹ ṣeun o, Bọ̀dá. Ọ̀rọ̀ ẹni tó yà á: ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni, fóònù rẹ̀ ló lò. Ó fi ìbínú lọ lóṣù tó kọjá. Àmọ́ aṣọ mi ni, aró mi ni, èmi ni mo ní kó yà á!

Ọmọ Láfẹ́nwá: Ṣé òun kọ́ ló fún wọn báyìí?

Oníkọ̀ǹpútà Kútọ̀: Ẹ má fi ẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ. Ká ní fọ́tò ni, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti ọdún 2022 ní ẹni tó yà á ló ni ín. Ti fídíò, ẹni tó ṣètò bí wọ́n ṣe ṣe é ló ń wò, ìyẹn lè gbè yín lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n fídíò tó mọ́ jù, tó ní ọjọ́ tí wọ́n yà á, fóònù ọmọ yẹn ló wà. Tí àwọn yẹn bá kọ̀wé padà pé òun ló fún àwọn, ẹjọ́ dé nìyẹn. Ẹ lọ bá a ní pẹ̀lẹ́, kó kọ ọ́ sínú ìwé kó sì bu ọwọ́ lù ú pé ó ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ò tó.

Bàbá Ìbarà: Ọmọ iṣẹ́ ni kí ọ̀gá lọ bẹ̀? Ẹ̀tọ́ wo ló ní nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ?

Aláró Ìtòkú: Bàbá, mo lọ. Ilé wọn ní Ìta-Èkó ni mo ti ń bọ̀ báyìí. Ó sunkún, ó ní òun ò fún ẹnikẹ́ni. Ó ti fi ojúlówó rẹ̀ sí káàdì fún mi, ó sì ti bu ọwọ́ lu ìwé. Mo ti fi líǹkì mẹ́ta sùn wọ́n. Ọ̀kan ti kúrò, méjì ṣì wà. Nígbà tí mo délé, ìyàwó àbúrò mi fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù pé kí n wá wo ibi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó dáa. Nọ́ńbà wọn ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.