Kọntíróòlù ṣúgà ka 108 dípò 98, ìwé iṣẹ́ sì ń sọ pé 95.1: ẹ bá mi wá ibi tí ìṣirò ti yà

Aṣàyẹ̀wò Òru

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará láàbù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ìwé iṣẹ́ kan wò tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ ṣáájú mi. Àyẹ̀wò ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ni, kíìtì gúlúkóòsì ọ́kísídéèsì la ń lò, kọlọrímítà la sì fi ń kà á.

Wọ́n wọn gúlúkóòsì 1.00 g, wọ́n fi omi kún un dé 100 mL, wọ́n pè é ní sítọ́ọ̀kù 1000 mg/dL. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe sítáńdáàdì 100 mg/dL láti inú rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ ni "sítọ́ọ̀kù 1 mL, omi 10 mL". Kọntíróòlù tó yẹ kó jẹ́ 98 wá ka 108.

Aláìsàn kan wà níbẹ̀ tí ṣúgà rẹ̀ kọjá 400 tí ìwé kíìtì ní kí a má kọjá. Wọ́n fi sálínì là á: sírọ́ọ̀mù 100 µL, sálínì 400 µL, wọ́n sì kọ "1:4" sí i. Ẹ̀rọ ka 132. Ìwé orí kọ̀ǹpútà sọ 132 di 528 mg/dL, ó wá sọ ìyẹn di 95.1 mmol/L. Mo fi ọwọ́ ṣírò tèmi, 29.3 mmol/L ni mo rí. Èwo ni kí n gbà? Èsì náà ò tíì jáde lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Ẹlẹ́rọ

29.3 tìẹ ló tọ̀nà. Wọ́n ti fi 5.55 pín níbi tó yẹ kí wọ́n fi 18 pín. Ohun tó bá ti wà ní mg/dL, fi 18 pín in, ó ti di mmol/L nìyẹn. Ìlọ́po mẹ́rin yẹn dáa, 1:4 ni wọ́n ṣáà kọ.

Àǹtí Kẹ́mísírì

Ọmọ Ẹlẹ́rọ, o ríran dáadáa níbi 5.55 yẹn. 100 mg/dL gúlúkóòsì ló ń jẹ́ 5.55 mmol/L. Ẹni tó bá fẹ́ lo nọ́ńbà yẹn, kó kọ́kọ́ fi 100 pín iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó wá sọ ọ́ di ìlọ́po 5.55. Ẹni tó kọ ìwé náà rántí nọ́ńbà, kò rántí iṣẹ́ tó ń ṣe. 95.1 fúnra rẹ̀ sì ti pariwo tó, torí 528 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè jẹ́ ìyẹn láé.

Àmọ́ ibi tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni mẹ́rin yẹn, torí òun kì í pariwo. Ẹ wo inú túùbù náà. 100 µL sírọ́ọ̀mù ti wọlé, 400 µL sálínì tẹ̀ lé e, 500 µL ló wà níbẹ̀ báyìí. Ṣúgà tó wà nínú 100 ti tàn ká inú 500. Ìlọ́po márùn-ún la máa fi dá a padà, 660 ló máa jẹ́, kì í ṣe 528.

Ti 18 náà: gúlúkóòsì nìkan ló ni ín. Móòlù kan rẹ̀ wúwo tó 180.16 g, désílítà mẹ́wàá ló sì wà nínú lítà kan, ibẹ̀ ni 18.016 ti jáde. Bó bá jẹ́ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, 38.67 la fi ń pín. Yúríà, 6.006.

Ọmọ Ẹlẹ́rọ

Ẹ ṣeun, àǹtí, mo gba ti 18. Àmọ́ ẹ má bínú, níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, 1:4 túmọ̀ sí pé apá kan wà nínú apá mẹ́rin lápapọ̀. Ìlọ́po mẹ́rin la máa ń fi dá a padà.

Bàbá Pìpẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin méjèèjì kò purọ́. Àwọn kan ń ka 1:4 sí ọ̀kan nínú mẹ́rin, àwọn mìíràn ń kà á sí ọ̀kan pẹ̀lú mẹ́rin. Níbi tí iṣẹ́ bá ti ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, àmì oníkóló yẹn kò yẹ nínú ìwé rárá. Ẹ kọ iye tí ẹ bù síta, 100 àti 400, kí ìwé náà fúnra rẹ̀ ṣírò ìlọ́po. Bí ohun tí ẹ̀rọ kà bá wà ní E7, tí sírọ́ọ̀mù wà ní B7, tí sálínì wà ní C7, ìlà àkọ́kọ́ yìí lẹ máa bá nínú ìwé yín, ìlà kejì ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀:

```
=E7*4/5.55
=E7*(B7+C7)/B7/18.016
```

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀fìn kan hàn yín nínú ìlà kejì náà. B7 àti C7 gbọ́dọ̀ jẹ́ oríṣi ìwọ̀n kan náà. Bí ẹnì kan bá tẹ 0.1 sí B7 nítorí pé mL ló ń rò, tó sì tẹ 400 sí C7, ìlọ́po á di 4001, èsì á ju 29,000 lọ. Kò sẹ́ni tó máa gbà á. Àmọ́ bó bá jẹ́ 100 ló wà ní B7, tí 0.4 wà ní C7, ìlọ́po á di 1.004, èsì á sì jẹ́ 7.36 mmol/L. Nọ́ńbà yẹn jọ ti èèyàn gidi. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti fẹ́ pa á, ìwé á sọ pé ó kàn ga díẹ̀ ni. Ẹ kọ µL sí orí òpó méjèèjì, kí ẹ sì fi òpó kan sílẹ̀ tó máa fi ìlọ́po hàn lójú. Ẹni tó bá rí 1.004 níbi tó ń retí 5 á dúró.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú àlàyé. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gún ìka nílé ka 7.2 fún màmá mi láàárọ̀ yìí, láàbù àdúgbò sì kọ 130 fún wọn. Ṣé irú àṣìṣe yìí náà nìyẹn? Wọn ò tíì jẹun o, àyà mi ń já.

Àǹtí Kẹ́mísírì

Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyàtọ̀ yẹn, ìyá wa. 7.2 mmol/L lọ́nà 18 jẹ́ 129.6 mg/dL, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n kọ ní ọ̀nà méjì. Àmọ́ 7.2 láìjẹun ga fún wọn. Ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà.

Bàbá Pìpẹ́ẹ̀tì

Aṣàyẹ̀wò, ká padà sórí kọntíróòlù rẹ, torí 660 yẹn náà kì í ṣe òótọ́. 108 tí a fi 98 pín jẹ́ 1.10. Ẹ̀rọ ń ka gbogbo nǹkan ní ìdá mẹ́wàá ju bó ṣe yẹ lọ. Bí sítáńdáàdì bá ṣàn ju orúkọ tí a pè é lọ, bó ṣe máa rí nìyẹn: àwọ̀ rẹ̀ á fẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ aláìsàn á wá dà bí ẹni pé ó ki ju bó ṣe ki lọ.

Ibi méjì ló ti lè wá, méjèèjì sì ń bí 1.10 kan náà. Èkínní ni "1 mL, omi 10 mL" yẹn. Bí wọ́n bá da omi 10 mL lé e lóòótọ́, 11 mL ló di, sítáńdáàdì á jẹ́ 90.9 mg/dL. Ohun tó yẹ ni kí 1 mL wọ fíláàsìkì 10 mL, kí omi wá kún un dé ojú àmì. Èkejì ni ìyẹ̀fun gúlúkóòsì fúnra rẹ̀. Bí ìgò bá kọ C6H12O6·H2O, omi wà nínú ìyẹ̀fun náà, móòlù rẹ̀ jẹ́ 198.17 g, nínú 1.00 g tí wọ́n wọn, 0.909 g péré ni gúlúkóòsì. Irú rẹ̀, 1.10 g là á wọn. Bó bá jẹ́ pé méjèèjì ló ṣẹlẹ̀ pọ̀, kọntíróòlù ì bá ti súnmọ́ 119, nítorí náà ọ̀kan ni.

Lọ ka ara ìgò. Lẹ́yìn náà, bu 1 mL nínú sítọ́ọ̀kù kan náà, kún un dé ojú àmì 10 mL, kí o tún ka kọntíróòlù. Bó bá padà sí 98, omi ni wọ́n dà jù. Bó bá dúró sí 108, ìyẹ̀fun ni. Kí o tó ṣe bẹ́ẹ̀, gbé pìpẹ́ẹ̀tì 1 mL yẹn sórí òṣùwọ̀n: omi tó bá bù gbọ́dọ̀ wúwo tó 1.00 g. Bí ó bá ń bù 0.91, òun náà lè bí 1.10.

Ọmọ Ẹlẹ́rọ

Ṣé kò ní yá ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá kàn fi 1.10 pín 660? 600 nìyẹn, 33.3 mmol/L. Iṣẹ́ ti tán.

Àǹtí Kẹ́mísírì

Ìṣirò rẹ dáa, àmọ́ mi ò ní bu ọwọ́ lù ú. Kọntíróòlù kan ṣoṣo ló bí 1.10 yẹn, kọntíróòlù náà sì ní ìyàtọ̀ tirẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ẹ tún sítáńdáàdì ṣe, kí ẹ tún sírọ́ọ̀mù là, kí ẹ tún un kà. Ẹ sì tún wo nǹkan kan: ìlọ́po mẹ́rin fà á wálẹ̀, sítáńdáàdì tó ṣàn fà á sókè, ìdí nìyẹn tí 528 fi jọ ohun tó bọ́gbọ́n mu. Bí ẹ bá tún ọ̀kan ṣe tí ẹ fi èkejì sílẹ̀, ẹ ó túbọ̀ jìnnà sí òótọ́ ni tàbí kí ẹ ṣì í sí apá kejì.

Ṣùgbọ́n kí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, Aṣàyẹ̀wò, pe wọ́ọ̀dù báyìí. Ìbáà jẹ́ 528 tàbí 600 tàbí 660, ẹni yẹn wà nínú ewu. Sọ fún wọn pé ó ju 400 lọ, pé nọ́ńbà gidi ń bọ̀.

Aṣàyẹ̀wò Òru

Mo ti pè wọ́n, dókítà ti wà lọ́dọ̀ aláìsàn náà. Ara ìgò kọ C6H12O6, 180.16, kò sí omi nínú rẹ̀. Pìpẹ́ẹ̀tì bu 0.998 g. Mo fi sítọ́ọ̀kù náà ṣe sítáńdáàdì tuntun nínú fíláàsìkì 10 mL, kọntíróòlù ka 99. Omi ni wọ́n dà jù.

Mo tún sírọ́ọ̀mù là, 100 àti 400, ó ka 117. 585 mg/dL nìyẹn, 32.5 mmol/L. Mo ti ń retí 600. Ṣé kí n gbà á?

Bàbá Pìpẹ́ẹ̀tì

Ìyàtọ̀ 120 sí 117 kò tó nǹkan, pìpẹ́ẹ̀tì 100 µL nìkan lè ṣe é. Là á lẹ́ẹ̀kan sí i, bu 200 àti 800 lọ́tẹ̀ yìí kí àṣìṣe bíbù lè kéré. Bí ó bá tún wà láàárín 115 sí 120, kọ ọ́.

Àǹtí Kẹ́mísírì

Ìgbà wo ni wọ́n ya sírọ́ọ̀mù kúrò lára ẹ̀jẹ̀ tó dì? Bó bá wà lórí rẹ̀ nínú yàrá tó móoru, sẹ́ẹ̀lì ń jẹ ṣúgà níbẹ̀, ó lè jẹ ìdá 5 sí 7 nínú 100 láàárín wákàtí kan.

Aṣàyẹ̀wò Òru

200 àti 800 ka 118. Wọn ò kọ aago tí wọ́n yà á, àǹtí. Mo ti ní kí wọ́ọ̀dù fa ẹ̀jẹ̀ tuntun sínú túùbù oní-fúlóráìdì.

Ọmọ Ẹlẹ́rọ

Àwọn èsì mìíràn tí wọ́n fi sítáńdáàdì tó ṣàn yẹn ṣe ńkọ́?

Bàbá Pìpẹ́ẹ̀tì

Ẹ wo ìwé kọntíróòlù sẹ́yìn títí di ọjọ́ tí ó ṣì ń ka 98. Gbogbo èyí tó jáde lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mo ní kí ẹ pè é padà.

Àǹtí Kẹ́mísírì

Gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Ẹni tó ka 88 tó jẹ́ 80 ni ní tòótọ́, ìtọ́jú rẹ̀ ò yí padà. Èyí tó wà nítòsí 126 láìjẹun ni èmi á kọ́kọ́ wá, torí ẹni tó ka 130 lè jẹ́ 118, wọ́n sì lè ti pè é ní onítọ̀ọ́ ṣúgà.

Bàbá Pìpẹ́ẹ̀tì

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, mo gbà. Àmọ́ ẹni tó ka 75 tó jẹ́ 68, ta ló máa wá òun?