"Àṣẹ́kù" méjì nínú àtẹ kan

Atúmọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àtẹ kan wà lọ́wọ́ mi tí mò ń túmọ̀. Ó to ọ̀nà méjì tí ilé-iṣẹ́ ń gbà yọ owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ kúrò nínú ìwé ìṣirò wọn lọ́dọọdún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo pe ọ̀kan ní "ìdínkù iye onílà tààrà", mo pe èkejì ní "ìdínkù iye aláṣẹ́kù". 1,000,000 ni wọ́n ra ẹ̀rọ náà, ọdún 5 ni wọn yóò lò ó, wọ́n sì retí pé àwọn á tà á ní 100,000 lẹ́yìn náà. 100,000 yìí náà ni mo pè ní "àṣẹ́kù". Ṣé ó yé èèyàn?

Ọmọ Tíṣà: "Onílà tààrà" kò dùn létí. Ìlà wo? Ẹni tí kò rí àwòrán rẹ̀ rí á rò pé títì ni. "Ọlọ́gbọọgba" ló sàn, torí iye kan náà ni wọ́n ń yọ lọ́dọọdún: ẹ yọ 100,000 kúrò nínú 1,000,000, ẹ pín 900,000 tó kù sí 5, ó di 180,000. "Aláṣẹ́kù" tẹ́ mi lọ́rùn. Tibẹ̀ náà, ẹ ṣáà kọ́kọ́ yọ 100,000 yẹn, kẹ́ ẹ tó mú ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìyá Oníṣirò: Mo gba "ọlọ́gbọọgba". Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Atúmọ̀ ló sì kó bá ọ. "Àṣẹ́kù" tó wà lórúkọ ọ̀nà kejì ni owó tí ẹ̀rọ ṣì gbé nínú ìwé. 100,000 jẹ́ nǹkan mìíràn: owó tá a retí lọ́jọ́ tá a bá tà á. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní "iye ìgbẹ̀yìn".

Ní ọ̀nà kejì, àpapọ̀ owó la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún 5 túmọ̀ sí ìdá 20 lọ́dún. A sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di 40. Iye ìgbẹ̀yìn kò sí níbẹ̀ rárá títí di ọdún tó kẹ́yìn, tí yóò wá dúró bí odi.

| Ọdún | Ọlọ́gbọọgba: a yọ | Ó ṣẹ́kù | Aláṣẹ́kù: a yọ | Ó ṣẹ́kù |
|---|---|---|---|---|
| 1 | 180,000 | 820,000 | 400,000 | 600,000 |
| 2 | 180,000 | 640,000 | 240,000 | 360,000 |
| 3 | 180,000 | 460,000 | 144,000 | 216,000 |
| 4 | 180,000 | 280,000 | 86,400 | 129,600 |
| 5 | 180,000 | 100,000 | 29,600 | 100,000 |

Ẹ wo ọdún karùn-ún. Ìdá 40 nínú 129,600 jẹ́ 51,840, ṣùgbọ́n tá a bá yọ gbogbo rẹ̀, ìwé á bọ́ sí 77,760. Ìdí nìyẹn tá a fi yọ 29,600 péré. Tí Ọmọ Tíṣà bá fi 900,000 bẹ̀rẹ̀ ní tiẹ̀, 69,984 kò ní jáde láéláé. Ìwé á dúró sí 169,984 nígbà tí ọdún 5 bá pé. Nọ́ńbà yẹn lẹ fi máa mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣe àṣìṣe yìí.

Bàbá Ọlọ́kọ̀: Ẹ forí jì mí. Ọkọ̀ tí mo rà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ń fi owó tó ju èyí tí mo rà á lọ wá a báyìí. Kí lẹ wá ń dín kù níbẹ̀?

Ìyá Oníṣirò: Bàbá, ẹ ṣeun. Ohun tí "ìdínkù iye" ń mú wá nìyẹn. Iye ọjà kọ́ là ń sọ. Owó tẹ́ ẹ ná tẹ́lẹ̀ là ń pín sórí àwọn ọdún tí ọkọ̀ fi ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlànà ìṣirò àgbáyé IAS 16 ṣe rí i. "Ìpínsọ́dún" ni èmi ì bá pè é.

Ọmọ Tíṣà: Ẹ ṣeun, ìyá mi, mo ti rí ibi tí mo ti kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n "ìpínsọ́dún" ńkọ́? Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé èrè ni wọ́n ń pín fáwọn onípìn-ín. "Ìdínkù iye" ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn.

Ìyá Oníṣirò: Ó wà lẹ́nu wọn, ó sì ń ṣì wọ́n lọ́nà. O ṣáà rí Bàbá.

Atúmọ̀: Mo ti yí i padà: "àṣẹ́kù" fún ohun tó wà nínú ìwé, "iye ìgbẹ̀yìn" fún 100,000. Mo yẹ ọdún karùn-ún wò nínú Excel lórí kọ̀ǹpútà, DDB ni wọ́n ń pe ọ̀nà aláṣẹ́kù níbẹ̀, ó sì bá ti Ìyá mu, 29,600:

```
=DDB(1000000,100000,5,5)
```

Orí àtẹ ló kù. Mo ṣì fi "ìdínkù iye" síbẹ̀, mo sì fi ìlà sí i nísàlẹ̀.