«Alátùúnbẹ̀rẹ̀» ni àbí «abáṣẹ́lọ»?

Olùbéèrè, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ̀yin àgbà, fídíò egúngún gígábáìtì 1.5 ni mo fẹ́ gbé sókè. Bó bá ti rìn díẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì á já, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹnìkan ní kí n wá «ìgbésókè alátùúnbẹ̀rẹ̀», ìyẹn «resumable upload». Ṣé ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, báwo ló sì ṣe máa parí?

Olùkọ́ àgbà, Ọ̀yọ́: Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gidi! Àtúnbẹ̀rẹ̀ gan-an ló ń ṣe ọmọ yìí. Ṣé orúkọ àrùn la wá fi ń pe oògùn? Bí àlejò bá dá àwọn bàbá wa lẹ́nu nídìí ìtàn, «Ibo la bá a dé?» ni wọ́n ń béèrè. «Ìgbésókè abáṣẹ́lọ» ni kí ẹ pè é.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. «Túnṣe» wá ńkọ́? Ẹni tó tún ilé ṣe kò kọ́kọ́ wó o palẹ̀.

Olùkọ́ àgbà: «Ṣe» nìyẹn. «Bẹ̀rẹ̀» ni ìwọ lẹ̀ mọ́ «tún». Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ láàárín?

Onífídíò mìíràn: Ẹ fi síìpù fún un pọ̀, á yára lọ.

Alábòójútó sáfà, Ògbómọ̀ṣọ́: MP4 ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀, síìpù ò ní fi bẹ́ẹ̀ dín in kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ìlà bá ń gbé mẹ́gábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fídíò yìí á gba wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 20. Bó bá ń já ní ìṣẹ́jú 40 sí 40, mẹ́gábáìtì 300 péré ló ń lọ kó tó já. Fọ́ọ̀mù lásán inú burawúsà ń rán gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá já, èyí tó ti dé ṣòfò nìyẹn. Kò lè parí láé. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ bi sáfà pé báìtì mélòó ló ti dé, ẹ̀ẹ̀marùn-ún á tó o. Bí o bá ní àyè láti wọ sáfà náà nípasẹ̀ SSH, tí rsync, ètò tó ń rán fáìlì, sì wà lórí rẹ̀:

```
until rsync --append-verify --timeout=60 --progress egungun.mp4 user@server:
do sleep 90; done
```

Láìsí 60 yẹn, ìlà tó dákẹ́ lè dá a dúró pa, kò ní já, kò ní lọ. Bó bá padà, wo nọ́ńbà: bó bá gbà á ní nǹkan bí 20%, tí kì í ṣe 0%, ó ń ṣiṣẹ́. Má fọwọ́ kan fídíò náà kó tó parí. Bó bá yí padà, ìyẹ̀wò ìparí á ní kó tún un rán.

Onífídíò mìíràn: Fíìmù tí èmi ń gbà sórí fóònù náà ń já o.

Alábòójútó sáfà: Gbígbà wálẹ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, sà. Sáfà tí mò ń lò kò fún mi ní SSH, fọ́ọ̀mù nìkan ni.

Alábòójútó sáfà: Bi àwọn tó ni ín bóyá wọ́n ní tus, ìlànà tó ń jẹ́ kí ìgbésókè máa lọ láti ibi tó já sí. Bí wọn ò bá ní in, gé fídíò sí mẹ́gábáìtì 100, kí o máa rán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà: Ẹni tó gé e ti tún un bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní kékeré kékeré. Èmi ò tíì fara mọ́ «abáṣẹ́lọ» o.