Mọ́ọ̀kì ìṣirò tí mo ṣe fáwọn ọmọ lẹ́sìn mi, kò sẹ́ni tó parí ẹ̀

Tíṣà Òkè Àró: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ SS3 mẹ́sàn-án ni mò ń ṣe lẹ́sìn fún ní Àkúrẹ́ níbí. Ní Sátidé, mo fún wọn ní mọ́ọ̀kì ìṣirò, wákàtí méjì àbọ̀ bíi ti tíórì WAEC. Inú sílábọ́ọ̀sì ni mo ti fa àwọn ìbéèrè yọ: mẹ́wàá, máàkì mẹ́wàá-mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ ni dandan. Ó pé 100 géérégé, inú mi dùn. Nígbà tí mo ní kí wọ́n gbé bírò sílẹ̀, ẹni méjì péré ló ti dé ìbéèrè kẹsàn-án. Ọ̀kan ń sunkún. (Iná lọ díẹ̀ láàárín, àmọ́ mo fi ìṣẹ́jú mẹ́fà dí i fún wọn.) Ìmáàkì tún wá dójú rú. Ìdáhùn tó bá tèmi mu, mo fún un ní 10. Èyí tí kò mu, mo fojú díwọ̀n. Èmi àti ìyàwó mi máàkì ìwé ọmọ kan náà: mo fún un ní 31, òun fún un ní 48. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìyá Ìbejì: Tíṣà, ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lò o. Ti ọmọ mi, ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kíákíá.

Tíṣà Òkè Àró: Ìyá Ìbejì, JAMB nìyẹn mà. Tèmi, tíórì ni, ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ jáde.

Ọmọ FUTA: Ìbéèrè yẹn ti pọ̀ jù sà. Ẹ sọ ọ́ di márùn-ún, máàkì ogún-ogún, kẹ́ ẹ pín in dọ́gba fún gbogbo orí sílábọ́ọ̀sì.

Bàbá Àlàgbàká: Ọmọ FUTA rí ibi tó ń dunni, oògùn rẹ̀ ló ṣì. Apá A ìwé tíórì WAEC ní ìbéèrè márùn-ún, dandan ni gbogbo rẹ̀, máàkì 40. Apá B ní mẹ́jọ, ọmọ á mú márùn-ún, máàkì 60. Ìyẹn ni pé 8 ni ìbéèrè kan ní A, 12 ní B. Tẹ́ ẹ bá da ìṣẹ́jú 150 sórí máàkì 100, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ló kan máàkì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ò fún wọn láyè láti fo èyí tó bá le.

Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ kọ 10 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè kẹ́ ẹ tó ṣe é. Ìṣísẹ̀ ni wọ́n ń fún ní máàkì. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìbéèrè náà fúnra yín, kẹ́ ẹ ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, ìgbà náà lẹ máa tó mọ iye tó jẹ́. Ẹ wo èyí: ilẹ̀ onígun mẹ́rin kan, gígùn rẹ̀ fi mítà 3 ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ, ààyè inú rẹ̀ jẹ́ 70 m². Kí ni àyíká rẹ̀?

```
gígùn = x + 3          B1
x(x + 3) = 70          M1
x² + 3x − 70 = 0       A1
(x + 10)(x − 7) = 0    M1
x = 7 tàbí −10         A1
mú 7                   B1
2(7 + 10)              M1
34 m                   A1
```

M ni ti ọ̀nà tí ọmọ gbà, A ni ti ohun tó jáde lójú ọ̀nà yẹn, B dá dúró. Tí M ò bá sí, A tó tẹ̀lé e ti lọ. Ká ní ọmọ kan wá kọ (x + 14)(x − 5), ó mú 5, àyíká rẹ̀ wá di 26. Ẹ̀yin á ní 26 kì í ṣe 34, ẹ á fún un ní méjì. Lórí ìwé yìí, A méjì ló pàdánù. Mẹ́fà ló ní.

Àǹtí Máàtì: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, B ti "mú 7" ńkọ́? Márùn-ún ló mú. Èmi á fún un ní 5 péré.

Bàbá Àlàgbàká: Ó mọ̀ pé fífẹ̀ ilẹ̀ kì í kéré ju òdo lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fún un. Ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ́ 7 gan-an, kó kọ ọ́ síbẹ̀ kó tó gbé ìwé ọmọ kankan.

Àǹtí Máàtì: Mi ò tíì gbà o.

Ọmọ FUTA: Ti pínpín dọ́gba tí mo sọ ńkọ́ sà?

Bàbá Àlàgbàká: Orí kan kì í fẹ̀ tó èkejì. Ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ sá fún, Apá A ni kẹ́ ẹ fi sí. Ọmọ tó bá ń sá fún jiọ́métírì á rọra fò ó ní B, ẹ ò sì ní mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo máàkì tó wà lórí ìwé, 136 lẹ máa rí. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, mẹ́ta tí wọ́n máa fò ni 36 yẹn.

Tíṣà Òkè Àró: Bàbá, mo padà ka ìbéèrè 6 mi, ti sìtàtísítíìkì. Wọ́n á ya tábìlì, wọ́n á ya gíráàfù, wọ́n á tún kà á. Ìṣísẹ̀ 17! Ìṣẹ́jú 25 àtààbọ̀ ló yẹ kó gbà, 15 ni mo fún wọn. Ọmọ tó sunkún yẹn, orí gíráàfù ló wà. Mo ti ń gé e sí 12, mo fẹ́ kó wà ní Apá B. Sátidé tó ń bọ̀ la máa tún un ṣe.

Ìyá Ìbejì: Ó dáa, ọmọ mi á wá. Ṣé ẹ ní jẹnẹrétọ̀?