«Kò fi hàn pé» tàbí «fi hàn pé kò»?

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àpẹẹrẹ àfinúrò kan ni mò ń túmọ̀ fún àwọn tó ń sin adìẹ. Wọ́n fi fíìdì tuntun bọ́ adìẹ 20, wọ́n fi ti àtijọ́ bọ́ 20 mìíràn. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ti tuntun fi gíráàmù 60 wúwo ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n «àlàfo ìdánilójú» rẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n fojú bù pé ìyàtọ̀ gidi lè wà, bẹ̀rẹ̀ láti −30, ó dé 150. Mo wá kọ ọ́ pé: «Ìwádìí fi hàn pé fíìdì tuntun kò ṣiṣẹ́.» Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Bàbá Ògbufọ̀, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:
Ká tó dé orí adìẹ, ta ló ní kẹ́ ẹ máa pè é ní àlàfo? Ibi tí eyín ti yọ là ń pè ní àlàfo. Kò sí nǹkan níbẹ̀! Bí mo bá kọ irú èyí fún ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, bírò pupa ló máa dá a lóhùn. Gbèdéke ni. Gbèdéke ìsàlẹ̀, gbèdéke òkè, ó sì dá wa lójú ní ìdá 95 nínú 100 pé òtítọ́ wà láàárín méjèèjì. Ní ti gbólóhùn tìrẹ, òdo, ìyẹn àìsí ìyàtọ̀ kankan, wà láàárín gbèdéke méjèèjì, ó parí: fíìdì ò ṣiṣẹ́.

Ìyá Eléyin, Ìgbọ̀nà:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Èmi náà ra fíìdì tuntun kan lọ́dún tó kọjá, mẹ́jọ nínú adìẹ mi ló kú. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má rà á.

Olùkọ́ Ìṣirò, Òkè-Fìà:
Ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ẹjọ́ ti yín yàtọ̀ sí èyí.

Bàbá, mi ò bá yín jà lórí gbèdéke. «Kò» lèmi ń bá jà. «Ìwádìí kò fi hàn pé ó ṣiṣẹ́», «Ìwádìí fi hàn pé kò ṣiṣẹ́»: ẹ wo ibi tí «kò» jókòó sí. Nínú ti àkọ́kọ́, ìwádìí lọ́ràn bá. Nínú ìkejì, fíìdì lẹ ti dá lẹ́bi. Ẹni tó wá ewúrẹ́ lọ tí kò rí i kì í délé kó ní ewúrẹ́ ti kú.

Òdo wà láàárín −30 sí 150, òótọ́ ni. 100 náà ńkọ́? 140 ńkọ́? 60 gan-an ni ohun tí wọ́n wọ̀n bá mu jù lọ, kí ló dé tá a fi òdo nìkan jọba? Ká ní fíìdì yìí gbọ́dọ̀ fi gíráàmù 50 kún adìẹ kan kí owó rẹ̀ tó padà wálé. 50 wà níbẹ̀, òdo wà níbẹ̀, ìwádìí yìí ò lè yà wọ́n. Adìẹ ogún-ogún ló fà á. Àìrìn jìnnà, ẹ̀yin náà mọ ìyókù.

Ká wá ní 400 ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan, tí ìyàtọ̀ jẹ́ 5, láti −15 dé 25. Òdo ṣì wà nínú rẹ̀, àmọ́ 50 ti bọ́ síta. Ibẹ̀ lèmi á ti gbà kó o kọ ọ́ pé: «Bí fíìdì yìí bá tilẹ̀ fi nǹkan kún ìwọ̀n adìẹ, kò jọ pé ó tó èyí tó máa dá owó rẹ̀ padà.»

Ní ti ìdá 95 yín, Bàbá, kì í ṣe −30 sí 150 yìí ló ni ín, ọ̀nà tá a gbà ṣe é ló ni ín. Bí Neyman, onímọ̀ ìṣirò tó dá ọ̀nà yìí sílẹ̀, ṣe là á kalẹ̀ ní 1937 nìyẹn. Ẹja dúró lójú kan, àwọ̀n ló ń bọ́ síbí, bọ́ sọ́hùn-ún. Bí apẹja bá jù ú nígbà 100, nǹkan bí ìgbà 95 ló máa bo ẹja. Èyí tó jù lónìí ti bò ó, tàbí kò bò ó. (Ẹ má bi mí pé odò wo. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pa ẹja Ọ̀ṣun.)

Bàbá Ògbufọ̀:
Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń túmọ̀ ìwé. Bó bá jẹ́ àwọ̀n ni, kí ló dé tẹ́ ẹ pè é ní ìdánilójú? Ta ló dá lójú? Ṣùgbọ́n mo gba ti «kò» yẹn.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ ṣeun, sà. Ẹ wo èyí: «Adìẹ tó jẹ fíìdì tuntun fi gíráàmù 60 wúwo jù, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ gidi lè wà níbikíbi láti orí kó fi 30 dín sí orí kó fi 150 lé. Ìwádìí yìí kò tíì fi hàn bóyá ó ń dá owó padà.»

Bàbá Ògbufọ̀:
«Tíì»! Ta ló sọ fún ọ pé yóò fi hàn lọ́la? Bí àgbẹ̀ bá rí «kò tíì», á ní ó ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn, á lọ ra àpò mẹ́wàá sílẹ̀.

Olùkọ́ Ìṣirò:
Bàbá, bẹ́ ẹ bá yọ «tíì», ẹlòmíràn á kà á sí pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìyá Eléyin:
Fíìdì wo wá ni kí n rà báyìí?