Ìnfọ́ìsì ti kọjá ọjọ́, èlé wà nínú àdéhùn: ẹ bá mi tún àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ṣe

Ayàwòrán_Bódìjà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ yíya páálí ọjà ni, ₦600,000. Ìnfọ́ìsì 014 jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ọjọ́ 17 ló yẹ kí wọ́n san án. Abala 7 nínú àdéhùn tí a jọ fọwọ́ sí sọ pé lẹ́yìn ọjọ́ ìsanwó, a fún wọn ní ọjọ́ 5 sí i. Bí ìyẹn bá kọjá, èlé 2% lóṣù lórí owó tó bá ṣẹ́ kù, kí a máa ṣírò rẹ̀ lójoojúmọ́, kí oṣù kan jẹ́ ọjọ́ 30. Wọ́n san ₦300,000 ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, wọ́n sì dákẹ́. Òní ni ọjọ́ 21. Ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú pé mo tún ń yọ yín lẹ́nu. Owó wa ti pẹ́ díẹ̀, ni mo bá fi owó ìtanràn kékeré kún un. Gbogbo rẹ̀ wá di ₦312,000. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa wò ó. Ọlọ́run á túbọ̀ bù sí i."

Kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sí i?

Láyọ̀_Kọ̀wé: "Owó ìtanràn kékeré." Kékeré tó mélòó?

Akáńtáǹtì_Àgbà: Kí a tó kan ọ̀rọ̀ ẹnu, ₦312,000 yẹn kò tọ̀nà. O ṣírò 2% lórí ₦600,000 fún odindi ọjọ́ 30, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti san ìdajì láàárín. Abala 7 yín ní "owó tó bá ṣẹ́ kù". Ọjọ́ 5 tí ẹ fún wọn parí ní ọjọ́ 22, nítorí náà ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ni èlé bẹ̀rẹ̀. 2% lórí ₦600,000 jẹ́ ₦12,000 lóṣù, ìyẹn ₦400 lójúmọ́. Láti ọjọ́ 23 sí 31 jẹ́ ọjọ́ 9, ó di ₦3,600. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, ₦300,000 ló kù, èlé rẹ̀ di ₦200 lójúmọ́. Ọjọ́ 21 nìyẹn títí di òní, ₦4,200. Èlé gbogbo jẹ́ ₦7,800, gbèsè wọn lónìí sì jẹ́ ₦307,800. Àṣìṣe ₦4,200 yẹn ni akáńtì wọn máa kọ́kọ́ rí, wọ́n á sì fi dá gbogbo ìwé náà padà. Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn ti lọ nìyẹn.

Ayàwòrán_Bódìjà: Haa. Ẹ ṣeun sà.

Tọ́pẹ́_Pẹ́kíhámù: Kí lẹ ń fi 2% ṣe? Òfin ti fún yín ní 8% lọ́dún, lé lórí iye èlé tí Báńkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá kéde, pẹ̀lú £40, £70 tàbí £100 lórí ìnfọ́ìsì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí gbèsè náà bá ṣe pọ̀ tó.

Akáńtáǹtì_Àgbà: Òfin ọdún 1998 ti ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún nìyẹn, àbúrò. Ìbàdàn ni iṣẹ́ yìí, kò kàn án. Lọ́dọ̀ yín pàápàá, bí àdéhùn bá ti dá èlé tó mọ́gbọ́n dání sílẹ̀ fúnra rẹ̀, èlé inú àdéhùn ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Tọ́pẹ́_Pẹ́kíhámù: Ẹ̀ẹ́n, mo gbọ́.

Dúpẹ́_Aṣọ: Èmi náà ní irú ẹ̀. Oníbàárà mi jẹ mí ní ₦85,000 láti ọdún tó kọjá, orí Wọ́sáàpù la ti sọ̀rọ̀ iṣẹ́, a ò sọ nǹkan kan nípa èlé. Ṣé kí n fi 10% lé e?

Láyọ̀_Kọ̀wé: Kò sí níbi tẹ́ ẹ ti ṣàdéhùn, mà. Ẹ gba ₦85,000 yín ná, kí ẹ kọ èlé sínú àdéhùn tó ń bọ̀. Ti ẹni yìí ní abala 7, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ gbà á.

Ẹ wo bí èmi yóò ṣe kọ ọ́, Bódìjà:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Lórí Ìnfọ́ìsì 014 (₦600,000, ọjọ́ ìsanwó: 17 oṣù Kẹta): a rí ₦300,000 gbà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, ẹ ṣeun. ₦300,000 ló ṣẹ́ kù. Gẹ́gẹ́ bí abala 7 àdéhùn wa, èlé 2% lóṣù ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta. Bí owó náà bá wọlé ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦308,600. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ₦200 ni yóò máa gorí rẹ̀ lójúmọ́. Ìṣirò náà àti abala 7 wà nínú PDF tí mo so mọ́ ọn. Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa san án fún wa."

Mi ò lo iye tòní, nítorí kò sẹ́ni tó máa san án lónìí. Bí ìwé bá ní ₦307,800 tí wọ́n sì san án ní ọjọ́ 25, ₦800 á ṣẹ́ kù, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ ìjà kékeré mìíràn.

Akáńtáǹtì_Àgbà: Ìyẹn dáa. Kí ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un, kí ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí akáńtì wọn. Ẹni tó gbé iṣẹ́ síta kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń sanwó.

Màmá_Ìwé: Ẹ ti yọ "Ọlọ́run á bù sí i" kúrò! Àgbàlagbà ni obìnrin yẹn o. Ẹ ò rí i pé ìwé yẹn gan ju bó ṣe yẹ lọ?

Láyọ̀_Kọ̀wé: "Ẹ káàárọ̀ mà", "ẹ ṣeun", "ẹ jọ̀wọ́ mà", gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. "Ẹ má bínú" ni mo yọ, torí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè kọ́ ló yẹ kó máa tọrọ àforíjì. "Ìtanràn" náà kúrò, ó dà bíi pé ẹ̀ṣẹ̀ la fi ń kàn wọ́n.

Màmá_Ìwé: Ẹ fi àdúrà sí i, kò ní dín owó kù.

Kúnlé_Kóòdù: Èmi yóò kàn tún 014 ṣe ni, kí n yí ₦600,000 padà sí iye tuntun, kí n tún un fi ránṣẹ́.

Akáńtáǹtì_Àgbà: Má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n ti kọ 014 sínú ìwé wọn ní ₦600,000, wọ́n sì ti yọ ₦300,000 nínú rẹ̀. Bí nọ́ńbà kan náà bá dé pẹ̀lú iye mìíràn, wọ́n á gbé e sápá kan. Fi 014 sílẹ̀ bó ṣe wà, kọ èlé sí ìnfọ́ìsì tirẹ̀, 014-È, kí o dárúkọ 014 nínú rẹ̀.

Kúnlé_Kóòdù: Ìwé méjì? Wọ́n á san 014, wọ́n á fi 014-È sílẹ̀ títí ayé. Kí ó wà lórí ìwé kan ṣoṣo.

Akáńtáǹtì_Àgbà: Ìwé kan lè kó méjèèjì jọ, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbèsè. Ṣùgbọ́n ìnfọ́ìsì méjì ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Kúnlé_Kóòdù: Mi ò tíì gbà.

Sùúrù_Lérè: Kí ló dé tí kò fi dárí èlé jì wọ́n bí wọ́n bá san ₦300,000 kí ọjọ́ 25 tó pé? ₦8,600 ni gbogbo rẹ̀, oníbàárà tó ń gbé iṣẹ́ wá jù ú lọ.

Láyọ̀_Kọ̀wé: Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó kọ iye náà síta ná, kí ó tó sọ pé òun yọ ọ́, kí ó sì kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ni. Bí kò bá kọ ọ́, wọ́n á rò pé abala 7 kò ṣiṣẹ́.

Ayàwòrán_Bódìjà: Ìbéèrè kan kù. Wọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni àwọn fi ₦300,000 ránṣẹ́. Ọjọ́ 1 ló wọlé sọ́dọ̀ mi.

Akáńtáǹtì_Àgbà: Kí ni àdéhùn sọ, ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ tàbí ọjọ́ tó wọlé?

Ayàwòrán_Bódìjà: Kò sọ ọ́.

Akáńtáǹtì_Àgbà: ₦200 ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Fi í fún wọn, kọ ₦308,400.

Kúnlé_Kóòdù: Kí ló fẹ́ fi í fún wọn fún? Ọjọ́ tó wọlé ni.

Màmá_Ìwé: Nítorí ₦200! Ẹ fi àdúrà rọ́pò rẹ̀.